Nọ́ńbà Tuntun Màmá Fẹlífẹlí

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Màmá Fẹlífẹlí ti ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì, lábẹ́ ìbòrí páànù kan tó dojú kọ ọsibítù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí fọkanáísà ti ń lẹ táyà. Bàbá tó bí i kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Àwọn oníbàárà ló fún un, nítorí pé bó bá ti ń gbé àwo fún èèyàn ni yóò máa wí pé, "Gbà, ó gbóná fẹlífẹlí!" Kódà bí ọbẹ̀ bá ti fẹ́ máa tutù, yóò ṣì wí i, ẹni tó ń jẹun náà yóò sì máa fẹ́ ẹ lẹ́nu bí ẹni pé iná ni.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń kọjá lọ ló ń rà á. Bó bá sè púpọ̀, ó ṣẹ́kù. Bó bá sè díẹ̀, wọ́n á máa kùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbígbẹ̀yìn, ló yí i padà. Láago méje àárọ̀, ìyá á dúró ti ìkòkò, á máa ka ohun tó fẹ́ sè. Ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: oúnjẹ, iye owó, àsìkò tí wọ́n lè wá gbé e, àti nọ́ńbà tí wọ́n máa pè. Lẹ́yìn náà ló máa fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ti àwọn olùkọ́, àti ti àwọn mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà yẹn, àwọn náà á sì tún fi í ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tí aago mẹ́wàá ààbọ̀ bá lù, ìyá ti mọ iye àwo tí yóò bù. Kò tún da oúnjẹ nù mọ́.

Ayọ̀ ló wá gbé ìṣòro dé. Ọmọ náà ríṣẹ́ sí ìlú kan tó jìnnà, iṣẹ́ tó ti ń wá láti ọdún mẹ́ta. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè, kò sì ṣeé ṣe kó jókòó sí ọ́fíìsì tuntun kó máa gba oúnjẹ sílẹ̀ fún mẹkáníìkì. Wọ́n bá ra láìnì tuntun fún ìyá, wọ́n fi í sínú fóònù kékeré alábọ́tìnnì kan tí kò mọ̀ ju kó dún kí èèyàn sì gbé e. Wọ́n fẹnu kò pé láràárọ̀, ìyá á máa pe ọmọ, á máa ka oúnjẹ fún un, ọmọ á kọ ọ́ ránṣẹ́ láti ibikíbi tó bá wà, àmọ́ nọ́ńbà ìyá ni yóò máa wà níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ náà rìnrìn-àjò ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ló wà, ọkọ̀ ti ń sáré, ẹnìkan ń kọrin lẹ́yìn, ọmọdé kan sì ń sunkún níwájú.

"Màmá, ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún mi, mi ò tíì há a sórí."

Ìyá na páálí láìnì náà síwájú bó ṣe lè nà án tó, nítorí pé ó ti gbé dígí ojú rẹ̀ sọnù láàárín àpò ìrẹsì àti àpò ẹ̀wà. Ó kà á títí dé ìparí.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. Màmá, a ti fẹ́ wọ ibi tí kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹ ṣọ́ra fún iná o. Ẹ jẹun o."

"Èmi tí mò ń ta oúnjẹ ni o ń sọ fún pé kó jẹun? Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ débẹ̀."

Ohun tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ nìyí:

OÚNJẸ ÒNÍ LỌ́DỌ̀ MÀMÁ FẸLÍFẸLÍ
Ìrẹsì, ọbẹ̀ ata àti adìyẹ: 1,500
Ẹ̀wà àti búrẹ́dì: 800
Sìpàgẹ́tì àti ẹyin díndín: 1,000
Àfikún ẹja díndín: 600
Ẹ pè kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù. Ẹ wá gbé oúnjẹ yín láàárín aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán.
Ọ̀kánkán ọsibítù, ẹ̀gbẹ́ fọkanáísà.
NỌ́ŃBÀ TI YÍ PADÀ O! Ẹ má pe ti àtijọ́ mọ́. Tuntun nìyí.

Nọ́ńbà sì tẹ̀lé e. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà àfi ìdí rẹ̀. Mẹ́rin-méje ló yẹ kó parí sí. Méje-mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

Láago mẹ́jọ, ìrẹsì ti ń hó. Láago mẹ́jọ ààbọ̀, ọbẹ̀ ti ń ta sánsán débi pé fọkanáísà pa ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà, ó ní kí òun lè gbóòórùn dáadáa. Ìyá fi fóònù kékeré náà sínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ń fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù ò dún. Ní aago mẹ́sàn-án, kò dún. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó yọ ọ́ síta, ó gbọ̀n ọ́n bí ìgò oògùn.

"Fọkanáísà, jọ̀ọ́, bá mi pe nọ́ńbà yìí wò. Bóyá ó ti kú."

Fọkanáísà nu ọwọ́, ó wo páálí láìnì, ó tẹ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Fóònù inú épírọ́ọ̀nù fò sókè, ó ń han gooro.

"Kò kú o," ni fọkanáísà wí. "Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ."

Ibi tó ti bí ìyá nínú gan-an nìyẹn. Bó bá ṣe pé fóònù ló bàjẹ́, ì bá rí nǹkan dá lẹ́bi. Ó pe ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń pè kò sí níbi tí wọ́n ti lè rí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ìkòkò mẹ́ta tó kún dẹ́nu. Ó rántí nọ́ọ̀sì kan tó ní adìyẹ àná kéré. Ó rántí olùkọ́ kan tó béèrè fún ọbẹ̀ sí i, tí òun sì dá a lóhùn pé ṣé ó fẹ́ fi wẹ̀ ni.

"Ẹnu mi ló lé wọn," ló wí. "Ọmọ mi ló ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé èmi ni wọ́n máa máa pè, wọ́n sá."

Wọn ò sá o. Wọ́n ń pè. Ibòmíì ni wọ́n ń pè sí.

Ní ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ibẹ̀, nínú yàrá kan tó mọ́ tónítóní, bàbá àgbàlagbà kan jókòó sídìí tábìlì, ó ń wo tíì rẹ̀. Hẹ́lò-Hẹ́lò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ló fi jókòó sídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ń so ẹni tó ń pè pọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó rọ̀, ó sì máa ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tán kó tó bọ́ sórí òmíràn. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣaláìsí, fóònù tirẹ̀ lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìdún. Síbẹ̀, á máa ṣáàjì rẹ̀ lálaalẹ́.

Ìpè àkọ́kọ́ dé láago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

"Ìrẹsì méjì, adìyẹ méjì, kí ọ̀kan jẹ́ itan!"

"Ẹ ṣì í pè ni o, ọ̀gá," ni bàbá wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kí ó tó mu tíì lẹ́nu kan, ó tún dún. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Ó tún dún. Sìpàgẹ́tì méjì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, nọ́ọ̀sì kan ni.

"Bàbá, ẹ má sọ pé mo ṣì í pè, ẹ jọ̀ọ́. Nọ́ńbà tó wà lójú fóònù mi nìyí. Láti àná ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọbẹ̀ màmá yìí nìkan ni mò ń rò kí n má baà sùn sórí aláìsàn."

"Ọmọ mi, fara balẹ̀. Ka ohun tó wà lójú fóònù ẹ fún mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kà á. Bàbá gbọ́ ọ̀kánkán ọsibítù, ó mọ ibẹ̀. Ó gbọ́ nọ́ńbà náà, ó mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, tirẹ̀ ni. Ó gbọ́ pé nọ́ńbà ti yí padà. Gbogbo ọ̀rọ̀ bá yé e kedere: obìnrin kan wà níbì kan tó ti dáná, tó ń retí ìpè, ìpè náà sì ń dún lórí tábìlì òun. Kò mọ nọ́ńbà rẹ̀ tòótọ́, kò sì lè máa méfò kó máa tẹ nọ́ńbà kiri ayé. Bó bá ń lé àwọn èèyàn yìí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ á ṣòfò. Bó bá pa fóònù, ọ̀rọ̀ á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti ife tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú ìwé kan, ó fi rúlà fa ìlà márùn-ún sí i: ta ni, ibo, kí ni, mélòó, aago mélòó.

"Hẹ́lò," ló wí, ohùn ilé ìfìwéránṣẹ́ ọjọ́sí sì jáde láìjẹ́ pé ó pè é. "Oúnjẹ wo lo fẹ́, ọmọ mi?"

Láti ìgbà náà, kò sinmi. Ó pe àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ padà, ó kọ tiwọn náà sílẹ̀. Ìpè ń wọlé, ó ń kọ ọ́. Ó sì tètè rí nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè àsìkò lọ́wọ́ wọn, aago méjìlá ni wọ́n ń dárúkọ fún un. Ìyẹn kọ ọ́ lóminú. Nídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù, ó ti kọ́ ọ pé bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá jọ pè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn ẹnìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè. Ìgbà wo làwọn olùkọ́ ń sinmi? Aago méjìlá sí méjìlá ààbọ̀. Ìgbà wo làwọn nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀ iṣẹ́? Aago kan. Àwọn mẹkáníìkì ńkọ́?

"Ìgbàkígbà tí ebi bá ti ń pa wá," ni ọ̀gá mẹkáníìkì dáhùn.

"Ẹ jẹ́ kó pa yín ní aago kan ààbọ̀, ọ̀gá."

Ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́, ó sì gbà.

Nígbà tí aago mẹ́wàá ààbọ̀ lù gééré, bàbá pàṣẹ fún ara rẹ̀ pé ìwé ti kún. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀, ó ká ìwé sápò, ó mú ọ̀pá, ó jáde.

Màmá Fẹlífẹlí ti ń rò ó bóyá kí òun pín ẹ̀wà fún àwọn aláìsàn ọsibítù kó tó kan, nígbà tó rí bàbá kan tó dúró níwájú rẹ̀, tó ń làágùn, tí ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá. Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Fẹlífẹlí?"

"Èmi ni. Oúnjẹ wà, bàbá. Oúnjẹ tiẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Kò pọ̀ jù o. Iṣẹ́ yín ni mo kó wá. Àwo mọ́kànlélógójì ni mo gbà sílẹ̀ fún yín."

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rọra yí padà sí fọkanáísà. "Gbájúẹ̀ ti wá ń gbé ọ̀pá lọ́wọ́ báyìí o."

"Ìyá, bí mo bá jẹ́ gbájúẹ̀, owó ni ǹ bá béèrè, kì í ṣe itan adìyẹ." Bàbá na ìwé sí i. "Ẹ kà á. Nọ́ọ̀sì ilé àwọn ọmọdé, ìrẹsì kan, ẹja kan, aago kan. Ó ní kí ẹ má gbàgbé pé òun kì í jẹ àwọ̀ adìyẹ. Olùkọ́ ìṣirò, ẹ̀wà kan. Ó ní kí ẹ foríjì òun, kí ẹ bá òun fi ọbẹ̀ lé e, òun ò ní fi wẹ̀."

Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ta ló tún lè mọ ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ yẹn? Bàbá ní kó mú páálí láìnì rẹ̀ wá, ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, ó fi ìka tọ́ka sí ìdí méjèèjì. Mẹ́rin-méje. Méje-mẹ́rin. Ìyá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó gùn ún dé èjìká, títí ó fi di ẹkún díẹ̀, tó tún padà di ẹ̀rín.

"Wọn ò kọ̀ mí sílẹ̀!"

"Kọ̀ yín sílẹ̀ kẹ̀? Wọn ò jẹ́ kí n mu tíì mi."

Àmọ́ nígbà tí wọ́n jókòó ti ìwé náà, ojú ìyá yí padà. Sìpàgẹ́tì mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀. Mẹ́wàá ló sè.

"Ẹ̀bi mi ni," ni bàbá wí. "Mi ò mọ̀ pé ó níye."

"Ẹ̀bi èmi ni. Mi ò ní kí ọmọ kọ ọ́ síbẹ̀ rí, torí òun ló máa ń ka iye fúnra rẹ̀, á sì sọ fún wọn pé ó ti tán."

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Kò sí àyè láti lọ ra òmíràn, ìrẹsì sì wà. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó yọ fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìwé, lọ́dọ̀ àwọn tó pè kẹ́yìn.

"Hẹ́lò, ọ̀gá mẹkáníìkì. Bàbá tó gba oúnjẹ yín sílẹ̀ ni. Mo ní ìròyìn tí kò dùn àti èyí tó dùn. Sìpàgẹ́tì yín mẹ́fà ò ní sí. Èyí tó dùn ni pé ìrẹsì tó wà níwájú mi báyìí, òórùn rẹ̀ ti jẹ́ kí fọkanáísà fi táyà oníbàárà sílẹ̀."

"Bàbá, ohùn yín yìí, bí ẹ bá ní kí n jẹ táyà, màá jẹ ẹ́. Ẹ kọ ìrẹsì sílẹ̀!"

Ó pe àwọn mẹ́ta yòókù. Méjì gba ìrẹsì, ẹnìkan gba ẹ̀wà. Ìyá dúró, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbọ́ bí bàbá ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀rẹ́ ọdún pípẹ́ ni wọ́n. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Òun ì bá ti wí pé ó tán, kó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Aago méjìlá lù. Àwọn olùkọ́ dé, wọ́n gbé, wọ́n lọ. Ìyá ń retí ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní àsìkò yẹn, tí nọ́ọ̀sì á máa ti mẹkáníìkì, tí mẹkáníìkì á máa ti olùkọ́. Kò sí ìjà. Ó ráyè gé àlùbọ́sà sí i. Ó ráyè bu omi mu. Láago kan, àwọn nọ́ọ̀sì dé. Láago kan ààbọ̀, àwọn mẹkáníìkì dé pẹ̀lú ariwo, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí bàbá olóhùn yẹn lójú. Wọ́n yí i ká. Ọ̀kan ní kó bá òun pe ìyàwó òun tó ń bínú, bóyá bó bá gbọ́ ohùn yẹn á ṣílẹ̀kùn. Kí aago méjì tó lù, ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ́ fínífíní. Àwo kan ṣoṣo ló kù, ìyá ti yọ ọ́ sápá kan láti aago mọ́kànlá. Ìrẹsì ni, itan adìyẹ wà lórí rẹ̀, ẹja náà wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó kí ẹ jẹun. Gbogbo èyí tí ẹ ti ń kọ láti àárọ̀, ẹ ò tíì tọ́ ọ wò."

Bàbá jẹun lórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn mẹkáníìkì sì ń bi í léèrè bí tẹlifóònù ṣe ń ṣiṣẹ́ láyé oníwáyà. Ó ti pẹ́ tó ti jẹun láàárín èèyàn. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó lè pẹ́.

Nígbà tí ọ̀sán ń rọlẹ̀, ọmọ dé ibi nẹ́tíwọọ̀kì. Ó pe ìyá rẹ̀ tìpayàtìpayà. Àwọn èèyàn ti ń kọ̀wé kí i pé òṣìṣẹ́ tuntun rẹ̀ dára. Òṣìṣẹ́ wo? Ìyá rò ó fún un. Wọ́n jọ ń jiyàn lórí ẹni tó ṣi nọ́ńbà.

"Ẹ̀yin lẹ kà á sódì, mà."

"Ìwọ lo gbọ́ ọ sódì. Ọmọ tó ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì yẹn ló dà á rú."

Wọ́n gbé e lé ọmọ bọ́ọ̀sì lórí, ọ̀ràn sì parí. Ọmọ ní òun á yọ nọ́ńbà bàbá kúrò lọ́la. Ìyá kọ̀ jálẹ̀.

"Má yọ ọ́. Mo ti bá bàbá sọ ọ́. Wọ́n ní bí mo bá yọ ọ́, àwọn á bá mi bínú. Wọ́n á máa gba owó lórí àwo kọ̀ọ̀kan bí ìwọ ṣe ń gbà á, oúnjẹ ọ̀sán á sì wà níbẹ̀. Tèmi ni kí o fi sísàlẹ̀, fún ìgbà tí tiwọn bá dí."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí di òní. Bàbá kì í jókòó sílé mọ́. Láago méje á ti wà lábẹ́ páànù náà, á ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwé rẹ̀ á ti ní ìlà. Ìwé oúnjẹ òòjọ́ náà ti yàtọ̀. Iye àwo ti wà níwájú sìpàgẹ́tì. Dípò aago méjìlá sí méjì lásán, àsìkò àwọn olùkọ́ wà lọ́tọ̀, ti nọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, ti mẹkáníìkì lọ́tọ̀. Láràárọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń jiyàn lórí rẹ̀, bàbá àti ìyá nídìí ìkòkò, ọmọ láti ìlú rẹ̀ tó jìnnà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún díndín ló dá a sílẹ̀. Ọmọ ti ka ohun tó kọ sétígbọ̀ọ́ wọn, bàbá sì ní kó fi kọ́mà kan sáàárín ọ̀dùnkún àti ẹyin, kí ẹni tó bá kà á má baà rò pé oúnjẹ kan náà ni wọ́n.

"Bàbá," ni ìyá wí, ó ń ro ọbẹ̀, "ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ránṣẹ́. Ebi ń pa wọ́n, kì í ṣe kọ́mà ni wọ́n fẹ́ jẹ."

"Ẹ fi kọ́mà síbẹ̀," ni bàbá wí.

Ọmọ fi í síbẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́.